Ẹ ka gbólóhùn Faransé dé ìparí kí ẹ tó ṣí atúmọ̀-èdè

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Àgbádárìgì níbí ni mo ti ń ta ìpara, Kùtọnu ni mo ti ń kó o wá. Ẹni tí mò ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀wé sórí fóònù mi pé: *Je viens d'en vendre dix, il ne me reste plus que trois cartons. Si vous les voulez, dites-le-moi avant ce soir.* Mo wo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú atúmọ̀-èdè. Ohun tí mo rí ni pé ó ń bọ̀ wá ta mẹ́wàá, àti pé kò sí ọjà mọ́. Mo dúró dè é títí, kò wá, àṣé ó ti ta ọjà fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ Faransé mélòó ni kí n há sórí kí irú èyí má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́?”

Ìdáhùn: Kò sí iye tí ẹ há sórí tó lè gbà yín lọ́wọ́ èyí, aǹtí mi. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé yẹn tí ẹ ò rí nínú atúmọ̀-èdè, ẹ sì tún ṣì í gbọ́. Bí ẹ ṣe ń kà á ni wàhálà wà.

Àwọn tó ń ta ìwé pẹlẹbẹ nínú ọkọ̀ Sẹ̀mẹ̀ ló ń bí mi nínú. Yorùbá á wà lápá kan, Faransé lápá kejì, wọ́n á ní láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ẹ ó ti máa fọ̀ ọ́ bí ọmọ onílẹ̀. Irọ́ ni. Kí ọmọ ilẹ̀ Faransé kan gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó fi túmọ̀ “ebi ń pa mí”, yóò rò pé apànìyàn kan tó ń jẹ́ Ebi ti mú yín. Ohun tí òun ń sọ nílé rẹ̀ ni *j'ai faim*, bí ẹni pé ó “ní” ebi lọ́wọ́. Èdè kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, ibi ìsopọ̀ yẹn gan-an ni atúmọ̀-èdè kì í fi han ẹni tó ń wo ọ̀rọ̀ ní ẹyọ ẹyọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé yín. Ẹ pa atúmọ̀-èdè dé, kí ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé àmì ìdánudúró, kódà bí ìdajì rẹ̀ ò bá yé yín. Kí lẹ rí tó dá yín lójú? *Vendre*, títà. *Dix*, mẹ́wàá. *Trois cartons*, páálí mẹ́ta. *Avant ce soir*, kó tó di alẹ́ òní. Ọlọ́jà ni yín. Ẹni tó ń dárúkọ títà, páálí mẹ́ta àti alẹ́ òní nínú ìwé kan náà, ṣé ẹni tí ọjà ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ báyìí, ẹ ò tíì túmọ̀ ohunkóhun.

Ẹ wá padà sórí àwọn ọ̀rọ̀ tó so mọ́ ara wọn. *Je viens* nìkan, “mò ń bọ̀” ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e: *d'*, ìyẹn *de* tí wọ́n gé létí, lẹ́yìn náà *vendre*, ọ̀rọ̀-ìṣe. Tí *de* àti ọ̀rọ̀-ìṣe bá tẹ̀ lé *viens*, “ṣẹ̀ṣẹ̀” ló di: mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tà. Tó bá jẹ́ ìlú ló tẹ̀ lé e, bíi *je viens de Cotonou*, ó di “Kùtọnu ni mo ti wá”. Tí kò bá sì sí *de* rárá, *je viens vendre*, ìgbà yẹn ló tó jẹ́ pé ó wá tajà. *En* kékeré tó wà láàárín wọn ń tọ́ka sí ọjà tí ẹ̀yin méjèèjì ti mọ̀: mẹ́wàá nínú wọn. Ọkùnrin yìí ti ta mẹ́wàá, ẹ̀yin wá jókòó dè é pé ó ń bọ̀.

Ibi tó na yín lówó jù ni *il ne me reste plus que trois cartons*. Ẹ rí *ne* àti *plus*, ẹ kà á sí “kò sí mọ́”, ẹ dúró níbẹ̀. Nínú irú ìwé báyìí, tí ẹ bá ti rí *ne*, ẹ má tíì túmọ̀ rẹ̀. Ẹ máa wo ọwọ́ ọ̀tún títí ẹ ó fi rí ẹnìkejì rẹ̀. *Ne… pas*, “kò” lásán ni. *Ne… plus*, “kò mọ́” ni. *Ne… que* kì í sọ pé kò sí, “nìkan” tàbí “àfi” ló ń sọ. Ti yín ní *plus* àti *que* papọ̀: kò kù fún mi ju páálí mẹ́ta lọ mọ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe dún lédè wa? “Kò” wà níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ “kò kù ju mẹ́ta lọ” kó sọ pé ọjà ti tán. *Il* tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ náà kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Bí “ó” inú “ó ku mẹ́ta” ló rí, ẹ má wá ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kiri. *Me* ni “fún mi”.

Gbólóhùn kejì ló yẹ kó ta yín lólobó. *Si vous les voulez*: tí ẹ bá fẹ́ wọn. Kí ni “wọn” tọ́ka sí, tí ọjà bá ti tán? Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ nìyẹn: tí gbólóhùn kejì bá ń ta ko ohun tí ẹ ní èkíní sọ, èkíní ni ẹ ṣì kà, ẹ padà síbẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ wá di: “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ta mẹ́wàá nínú wọn ni, ó ku páálí mẹ́ta péré lọ́wọ́ mi. Tí ẹ bá fẹ́ wọn, ẹ sọ fún mi kó tó di alẹ́.”

Ibì kan wà tí kíka gbogbo gbólóhùn náà ò fi ní tó. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu, tàbí tí wọ́n bá ń fi ìkánjú tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, wọ́n sábà máa ń gbé *ne* jù sílẹ̀. *J'en ai plus* lè jẹ́ “mi ò ní mọ́”, ó sì lè jẹ́ “mo ní jù bẹ́ẹ̀ lọ”. Lẹ́nu, ẹ lè fi etí mọ̀ ọ́n: tí “kò mọ́” ni, a kì í gbọ́ *s* ìparí *plus*, tí “jù bẹ́ẹ̀” ni, wọ́n sábà máa ń pè é síta. Nínú ìwé, kò sóhun tó yà wọ́n. Ẹ bi í: *Il vous en reste combien?* Mélòó ló ṣẹ́ kù fún yín? Nọ́ńbà tó bá fi dáhùn ò lè rú yín lójú. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Ẹ̀gùn, ẹ kúkú pè é kí ẹ jọ fi ẹnu sọ ọ́, wọn kì í sábà ṣì yín gbọ́ níbẹ̀. Ìwé Faransé ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Ìwé tí ẹ tẹ̀ ránṣẹ́ nìkan ni mo rí o, mi ò mọ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ti jọ sọ ṣáájú. Tó bá sì jẹ́ ìwé àdéhùn, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tàbí ti báńkì ni, ẹ má fi ohun tí mo kọ síbí ṣe é. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtumọ̀, kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Abúlé Faransé, ilé-ẹ̀kọ́ èdè Faransé tó wà ní Àjàrá níbí, náà ò jìnnà sí yín.

Tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá tún dé, èsì rẹ̀ kò gùn: *Oui, gardez-les-moi, s'il vous plaît.* Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú wọn. Ẹ fi ránṣẹ́ kó tó di alẹ́.