Ímeèlì Faransé tí ẹ̀rọ túmọ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan

Ìbéèrè: “Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ ímeèlì sí àwọn oníbàárà wa ní Kútọnu, ẹ̀rọ ló sì ń bá mi túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Wọ́n ní ó le, nígbà mìíràn kò sì yé wọn. Kí ni kí n ṣe?”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oníbàárà kan lọ́wọ́ mi. Mo ń ta àdìrẹ fún ilé ìtajà kan ní Kútọnu. Nígbà tí ẹrù pẹ́ lọ́nà, mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé bó pẹ́ bó yá yóò dé, “eventually” ni mo sì lò. Ẹ̀rọ tí mo ń lò nígbà náà kọ “éventuellement”, nítorí pé àwọn méjèèjì jọra. Àmọ́ “bóyá” tàbí “bí ó bá ṣeé ṣe” ni Faransé ń fi ọ̀rọ̀ náà sọ, nítorí náà oníbàárà mi gbà pé kò dá mi lójú pé ẹrù yóò dé, ó sì ní kí n dá owó òun padà. Ọjọ́ gan-an ló yẹ kí n dá: “La marchandise arrivera au plus tard le 15 mai.”

Mo ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ kan náà dá Faransé padà sí Gẹ̀ẹ́sì kí n lè mọ àṣìṣe, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣì túmọ̀ ló tún ṣì dá padà, mo sì rò pé gbogbo rẹ̀ dára. Ìwé atúmọ̀ èdè tí a fi Faransé ṣàlàyé Faransé ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà fún mi.

Ní ti líle tí wọ́n ń sọ, inú ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí lẹ́tà ló pọ̀ sí jù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ fọwọ́ kan ibi méjèèjì. Sí ẹni tí ẹ kò mọ̀, “Madame, Monsieur,” ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé “Cher” ti fi ìsúnmọ́ra hàn. Bí ẹ ṣe kí i níbẹ̀rẹ̀ ni ẹ ó tún pè é níparí: “Je vous prie d'agréer, Madame, Monsieur, mes salutations distinguées.” Bí ẹ bá ti jọ ń ṣòwò fún ìgbà díẹ̀, “Cordialement” tó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo “tu” àti “vous”. Àwa tí a mọ ìyàtọ̀ “ìwọ” àti “ẹ̀yin” kò lè ṣì í bí a bá ń kọ ọ́ fúnra wa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ti pa ìyàtọ̀ náà rẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó dé ọwọ́ ẹ̀rọ, nítorí náà ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “vous” kó sì bọ́ sí “tu” láàárín. Bákan náà ni ìbéèrè owó: “Vous devez payer avant vendredi”, ìyẹn “ẹ gbọ́dọ̀ sanwó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì”, tọ̀nà ní gírámà, àmọ́ bí àṣẹ ló ṣe ń dún. Ohun tí mo ń kọ nísinsìnyí ni “Nous vous saurions gré de bien vouloir régler la facture avant vendredi”, ìyẹn “a ó dúpẹ́ bí ẹ bá lè bá wa san owó náà ṣáájú ọjọ́ Ẹtì.” Àwọn gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tó mẹ́wàá ni mo kó sí fáìlì kan, mo sì máa ń ṣe àdàkọ wọn sínú ímeèlì. Àlàyé ẹrù nìkan ni mo ṣì ń fún ẹ̀rọ, ní gbólóhùn kúkúrú tí kò ní àkànlò èdè nínú. Ìwé àdéhùn, olùtumọ̀ ni mo ń sanwó fún.