Résólúṣọ̀n, ìfúnpọ̀ píksẹ́lì àti sikélì: èwo ni kí a yí?

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́nítọ̀ íǹṣì 27 tó jẹ́ 3840×2160. Lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé ojú ń ro mí. Mo dín résólúṣọ̀n kù sí 1920×1080, lẹ́tà tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ wá ń ṣe bàìbàì. Ẹnì kan ní sikélì ló yẹ kí n lò. Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni? Iye píksẹ́lì inú íǹṣì kan ńkọ́?

Ìdáhùn: Wọn kì í ṣe ohun kan náà rárá. Ẹ kọ́kọ́ dá résólúṣọ̀n yẹn padà sí 3840×2160, lẹ́yìn náà kí ẹ wá gbọ́ ìdí rẹ̀.

Píksẹ́lì ni ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kékeré tí ojú mọ́nítọ̀ kún fún. Résólúṣọ̀n ni iye ẹyọ tí kọ̀ǹpútà fi ń ya àwòrán: tiyín jẹ́ 3840 ní ìbú, 2160 ní òòró. Kò sọ bí mọ́nítọ̀ ṣe tóbi tó. Mọ́nítọ̀ kékeré àti tẹlifíṣọ̀n ńlá lè ní iye kan náà.

Ìfúnpọ̀ píksẹ́lì ló ń sọ bí àwọn ẹyọ náà ṣe há mọ́ra tó. Íǹṣì 27 tí wọ́n ń pè é, láti igun dé igun ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ìbú rẹ̀ ò ju bí íǹṣì 23.5 lọ. Ẹ fi 23.5 pín 3840, ẹ ó rí i pé bí 163 ló wà nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ká ní 1920×1080 ni ẹ rà ní ìwọ̀n yìí kan náà, bí 82 péré ni ì bá jẹ́. Láti ibi tí wọ́n ti ṣe mọ́nítọ̀ ni iye yìí ti wà lára rẹ̀. Kò sí ibi tí ẹ ti lè yí i.

Ibí gan-an ni lẹ́tà yín ti di kékeré. Ẹ jẹ́ ká ní lẹ́tà kan ga ní píksẹ́lì 16. Lórí mọ́nítọ̀ tó ní 82, gíga rẹ̀ tó mìlímítà 5. Lórí tiyín, mìlímítà 2.5 ni. Lẹ́tà kan náà, píksẹ́lì kan náà, àmọ́ wọ́n ti há mọ́ra.

Nígbà tí ẹ wá dín résólúṣọ̀n kù, àwọn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú mọ́nítọ̀ kò kúrò níbẹ̀. Píksẹ́lì 16 náà ni kọ̀ǹpútà ṣì fi ya lẹ́tà, mọ́nítọ̀ wá na àwòrán náà kó lè kún ojú rẹ̀: ẹyọ kan tí kọ̀ǹpútà yà di mẹ́rin, méjì ní ìbú, méjì ní òòró. Ẹ sún mọ́ lẹ́tà «o» kan, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tó yẹ kó yí roboto ń ṣe gbágungbàgun, tàbí kí àwọ̀ eérú díẹ̀ yí i ká, nítorí mọ́nítọ̀ ń gbìyànjú láti dí àlàfo tí kọ̀ǹpútà kò yà. Àwọ̀ eérú yẹn ni bàìbàì tí ẹ rí.

Sikélì ò fọwọ́ kan résólúṣọ̀n. Ohun tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ni pé kó lo píksẹ́lì púpọ̀ sí i fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fi sí 200%, píksẹ́lì 32 ni yóò fi ya lẹ́tà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Yóò tóbi tó èyí tí ẹ rí lórí 1920×1080, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò dán, torí yíyà ni wọ́n yà á, wọn ò nà án.

Ní Windows, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máòsì lórí ojú kọ̀ǹpútà, ẹ yan `Display settings`. Ní `Display resolution`, ẹ yan èyí tí wọ́n kọ `Recommended` sí lára. Ní `Scale`, èmi yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ dán 150% wò: lẹ́tà yẹn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 4, àyè iṣẹ́ yín yóò sì rí bíi ti 2560×1440. Ní 200%, àyè náà á dín kù sí bíi ti 1920×1080. Bí lẹ́tà bá ṣe ń tóbi sí i ni ohun tí ẹ lè rí lẹ́ẹ̀kan náà ń dín kù. Kò sí bí a ṣe lè yẹ ìyẹn sílẹ̀.

Ohun kan ṣì lè dà yín láàmú. Àwọn ètò àtijọ́ kan ò mọ sikélì rárá: ní kékeré ni wọ́n ń ya ara wọn, Windows á wá na àwòrán wọn. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀: ètò kan ṣoṣo ló ń ṣe bàìbàì, gbogbo ìyókù sì mọ́ kedere. Tó bá jẹ́ gbogbo ojú mọ́nítọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, résólúṣọ̀n ni kí ẹ padà lọ wò. Fún ètò kan ṣoṣo yẹn, ẹ ṣí `Properties` rẹ̀, ẹ lọ sí `Compatibility`, kí ẹ tẹ `Change high DPI settings`. Ẹ lè fi ibẹ̀ sọ pé kí Windows má na án mọ́. Lẹ́tà rẹ̀ á mọ́, ṣùgbọ́n ó lè padà di kékeré.