Èsì: Àlàyé owó ọkọ̀ nínú ètò ìṣúná

“Àjọ tá a kọ̀wé béèrè owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ká ṣàlàyé gbogbo owó tá a béèrè. A ti kọ ‘owó ọkọ̀, ₦480,000’. Kí ló tún kù?”

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ku bí ẹ ṣe ṣírò ó. Ká ní ogún obìnrin ni yóò máa ti Ìdànrè wá kọ́ṣẹ́ l'Ákùúrẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, tí àlọ àtàbọ̀ ẹnì kan sì jẹ́ ₦4,000. Ẹ kọ ọ́ báyìí: ènìyàn 20 × ìgbà 6 × ₦4,000 = ₦480,000. Ẹ wá sọ gáréèjì tí ẹ ti béèrè owó ọkọ̀ náà àti ọjọ́ tí ẹ béèrè é, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan sọ ìdí tí ẹ̀kọ́ náà kò fi lè wáyé n'Ídànrè.

Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń mú èèyàn ni pé ètò iṣẹ́ á ní obìnrin 25, ètò ìṣúná á ní 20. Ẹni tó ń yẹ ìwé ìbéèrè yín wò á fi méjèèjì wéra, àní kó tó ka àlàyé yín rárá.

Àti “ìnáwó mìíràn” tó wà nínú ètò ìṣúná yín yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Bó bá jẹ́ omi àti ìwé ni, ẹ dárúkọ wọn.