Ìbéèrè tó le, àti síláìdì tí mo fi pamọ́ dè é

"Ẹ̀yin àgbà, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí n gbé iṣẹ́ ìwádìí mi síwájú àwọn olùyẹ̀wò. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ìbéèrè wọn ló ń bà mí lẹ́rù. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó máa le, irú síláìdì wo ni kí n sì fi pamọ́ dè é?"

Àbúrò mi, ojú mi ti rí i rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ tèmi kalẹ̀, ìwé ìbéèrè 400 ni mo pín, 248 ló padà wá. Nínú 248 yẹn, èèyàn 186 sọ pé àwọn fara mọ́ ètò tí mo ń ṣèwádìí lé lórí. Mo wá kọ ọ́ gàdàgbà sórí síláìdì pé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló fara mọ́ ọn. Olùyẹ̀wò kan gbójú sókè, ó ní, "Àwọn 152 tí kò dá ìwé padà ńkọ́?" Ẹnu mi wọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí síláìdì padà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá màá rí nǹkan dì mú, gbogbo wọn sì ń wò mí. Wọ́n ní kí n lọ tún ibẹ̀ ṣe kí n tó padà wá. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìdáhùn ọ̀hún wà nínú àkọsílẹ̀ mi nílé, mi ò kàn fìgbà kankan bi ara mi ní ìbéèrè yẹn ni.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti parí síláìdì, màá mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá wá iye tàbí ọ̀rọ̀ tí ìparí èrò mi dúró lé. Màá wá bi í pé: nínú èèyàn mélòó? Ta ni kò sí níbẹ̀? Kí ni nǹkan mìíràn tó lè fa irú èsì yìí? Ẹ tún wo gbogbo ohun tí ẹ yọ kúrò nítorí àkókò, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín fún èèyàn méjì tàbí mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn má mọ̀ nípa iṣẹ́ yín rárá. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀. Èyí tí èèyàn méjì bá kọ láìgbìmọ̀, ẹ gbà pé ó ń bọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló yẹ fún síláìdì. Ohun tí mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé: bí ìdáhùn bá burú tó bó ṣe lè burú, ṣé ìparí èrò mi á wó? Ẹ wo tèmi. Bí gbogbo àwọn 152 yẹn bá kọ ètò náà, 186 nínú 400 ló kù, ìdá 46.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò tó ìdajì mọ́! Irú èyí gbọ́dọ̀ ní síláìdì. Èyí tí gbólóhùn kan bá tó fún, ẹ fi ẹnu dáhùn rẹ̀.

Ìbéèrè olùyẹ̀wò náà gan-an ni mo fi ṣe àkọlé síláìdì tí mo ṣe. Mo ti pín ìwé 200 fún àwọn tó ń gbé nítòsí ibi tí ètò náà wà, 200 fún àwọn tó jìnnà síbẹ̀. Lára àwọn ti tòsí, 140 dá a padà, 112 sì fara mọ́ ọn: ìdá 80. Lára àwọn ti ọ̀nà jíjìn, 108 dá a padà, 74 fara mọ́ ọn: ìdá 68.5. Àwọn tó jìnnà kò dáhùn tó, wọn ò sì fara mọ́ ọn tó. Àmọ́ bí mo bá ka apá méjèèjì sí ọgbọọgba, bí mo ṣe pín ìwé, ìdá 74 ni mo ń rí dípò 75. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ìṣirò yìí gbà pé ní apá kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò dáhùn jọ ẹni tó dáhùn. Ẹ má fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ pamọ́, torí bí ẹ ò bá sọ ọ́, wọ́n á bá yín sọ ọ́.

Ẹ kó àwọn síláìdì wọ̀nyí sẹ́yìn síláìdì ìdúpẹ́. Mẹ́fà tàbí méje ti tó. Bí ẹ bá ń fi PowerPoint hàn lójú ògiri, ẹ tẹ nọ́ńbà síláìdì, kí ẹ tẹ Enter, ó máa bọ́ síbẹ̀ tààrà. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà náà sórí ìwé kékeré, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kọ wọ́n, ẹ má fi síláìdì kankan kún un mọ́, torí gbogbo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á yí. Ẹ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ máa lò lọ́jọ́ náà, pàápàá bí ẹ bá sọ ọ́ di PDF.

Nígbà tí mo padà lọ, ìbéèrè kan náà ló jáde. Mo tẹ 31, mo tẹ Enter. Olùyẹ̀wò náà kà á tán, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó wá béèrè ìdí tí ti àwọn tó jìnnà fi kéré. Mi ò ní síláìdì fún ìyẹn. Mo sọ fún un pé ìwé ìbéèrè mi kò béèrè ìdí, nítorí náà mi ò lè sọ. Ó ní ó dáa, a sì bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn.