Kí ni "síró-déè", kí ló dé tí àtúnṣe kì í fi dúró de ọjọ́ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ wa ní Wuse, Àbújá, ní ká pa sáfà ní ọ̀sán gangan kí òun lè fi àtúnṣe sí i. Ó ní síró-déè ni, pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Kí ló túmọ̀ sí? Ṣebí Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọjọ́ àtúnṣe?

Ìdáhùn: Òdo ni síró, ọjọ́ ni déè. Iye ọjọ́ tí àwọn tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan rí láti fi tún ihò inú rẹ̀, ìyẹn àṣìṣe tí olè lè gbà wọlé, ṣe kí olè tó lò ó ni wọ́n ń kà. Bí olè bá ti ń gba ibẹ̀ kí àtúnṣe tó jáde, òdo ni. Ògiri tí ọ̀gá yín ń wí ti lanu tán.

Láti oṣù kẹwàá 2003 ni Microsoft ti ń kó àtúnṣe rẹ̀ jọ sí Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Ètò náà dára, torí àwọn tó ń tọ́jú sáfà mọ ìgbà tí wọn yóò dán an wò. Ṣùgbọ́n ìgbà tí olè ò bá tíì mọ ihò náà nìkan ni ìdúró bẹ́ẹ̀ lérè.

Ẹ wo ti Exchange Server, sáfà ímeèlì, ní 2021. Oṣù kìíní ni àwọn olùwádìí DEVCORE ní Taiwan fi ihò kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ CVE-2021-26855 tó Microsoft létí. Ẹni tí kò ní páásíwọ́ọ̀dù kankan, tó kàn lè dé sáfà náà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lè gba ibẹ̀ wọlé. Bó bá sì lo ihò mìíràn mọ́ ọn, yóò kọ fáìlì tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Oṣù kan náà ni olè ti ń lò ó. Ìṣẹ́gun kejì oṣù kẹta bọ́ sí ọjọ́ 9. Microsoft kò dúró, ọjọ́ 2 ló gbé àtúnṣe jáde.

Ọ̀sẹ̀ kan yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Bí àtúnṣe bá ti jáde, ẹni tó mọ iṣẹ́ lè fi fáìlì tuntun wé ti àtijọ́, kó sì rí ibi tí ihò wà. Ìkọlù pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ 2 náà, àwọn tó ń sún un síwájú ló sì fara gbá a.

Ọ̀nà tí ọ̀gá yín yóò gbà fi í sí i náà ṣe pàtàkì. Nígbà yẹn, ẹni tó kàn tẹ fáìlì àtúnṣe Exchange, `.msp`, lẹ́ẹ̀mejì láìlo àṣẹ alákòóso kì í rí ìkìlọ̀ kankan, síbẹ̀ àwọn fáìlì kan kò ní yí padà dáadáa.

Àtúnṣe a máa dí ihò, kì í lé ẹni tó ti wọlé jáde. Nítorí náà, bó bá jẹ́ Exchange ni sáfà yín, ó yẹ kí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ wo `C:\inetpub\wwwroot\aspnet_client` fún fáìlì `.aspx` tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n yọ sáfà náà kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí wọ́n má sì tíì pa fáìlì náà rẹ́, torí òun ni yóò fi ohun tí olè ṣe hàn.