Ta ló ń fọwọ́ sí ríra páálí? Bí a ṣe ń fi asẹ́ LinkedIn wá a

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Páálí ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ní Ọ̀tà, a sì fẹ́ máa tà á fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bísíkíìtì àti ohun mímu ní Ògùn àti Èkó. Mo tẹ "manager" sí LinkedIn, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ló kún ojú fóònù mi. Báwo ni mo ṣe lè rí àwọn tí ọ̀rọ̀ ríra páálí wà lọ́wọ́ wọn gan-an, láìsanwó?

Ìdáhùn: Ẹ kú àárẹ̀ iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì yẹn kò ṣèèṣì jáde. Nínú àwọn báńkì wa, ìpele iṣẹ́ ni "manager" jẹ́: èèyàn á ti Assistant Manager bọ́ sí Deputy Manager, á wá di Manager, ó sì lè má sí ẹnì kan lábẹ́ rẹ̀, kó má sì láṣẹ láti ra bírò kan ṣoṣo. Ní ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì, ẹni tó ń jẹ́ Factory Manager ni gbogbo ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀. Orúkọ kan náà ni, agbára wọn kò dọ́gba. Ìdí nìyí tí mi ò fi kì í ti orí èèyàn bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń wá.

Ẹ lè ní kí ẹ kàn lo asẹ́ Industry lábẹ́ People. Ó máa tàn yín jẹ. Ohun tí ẹni náà fúnra rẹ̀ yàn lọ́jọ́ tó ṣí àkáǹtì ni asẹ́ yẹn ń kà, ọ̀pọ̀ kò sì padà tún un ṣe. Mo mọ ọ̀gá kan tó ti ń rajà fún ilé-iṣẹ́ ohun mímu fún ọdún mélòó kan, tó jẹ́ pé "Banking" ló ṣì wà lára prófáìlì rẹ̀. Ẹni tó bá gbára lé asẹ́ yẹn nìkan kò ní rí i láéláé.

Ẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà, torí ó rọrùn níbẹ̀ ju orí fóònù lọ. Ẹ tẹ "biscuit" tàbí "beverage" sínú àpótí ìwárí, kí ẹ wá mú Companies. Ní Locations, ẹ yan Ogun State àti Lagos State. Ní Industry, ẹ yan Food and Beverage Manufacturing. Ẹ ṣọ́ra fún Food and Beverage Services, ilé oúnjẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ kan ṣì wà tó forúkọ sílẹ̀ síbẹ̀, nítorí náà ẹ wá a lọ́tọ̀ lẹ́yìn náà. Ní Company size, 51-200 àti 201-500 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn yìí tóbi tó láti máa ra páálí déédéé, wọn kò sì tíì tóbi débi tí lẹ́tà yín á fi sọnù sáàárín ẹ̀ka mẹ́fà. Ẹ kọ orúkọ bíi mẹ́wàá sórí ìwé.

Nísinsìnyí ni ẹ máa wá lọ sí People, kí ẹ ṣí All filters. Ẹ fi orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ náà sí Current company ní ọ̀kọ̀ọ̀kan; ó máa gba ju ẹyọ kan lọ. Ẹ má ṣe fún Locations mọ́ Ògùn. Ìlú Agbára, níbi tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí, wà ní Ògùn lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ń gbé ní Èkó, Èkó ni wọ́n sì kọ sílẹ̀. Ẹ yan Nigeria, ó tó. Ẹ má sì fò ó, torí bí ẹ bá mú ilé-iṣẹ́ bíi Nestlé, tó ní ilé-iṣẹ́ ní Agbára, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ káàkiri àgbáyé ló máa ya lù yín.

Nísàlẹ̀ pátápátá ni àpótí Title wà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà:

```
("procurement manager" OR "head of procurement" OR "purchasing manager" OR "factory manager") NOT consultant
```

Lẹ́tà ńlá ni OR àti NOT gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ẹ bá fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́, ọ̀rọ̀ lásán ni LinkedIn á kà á sí. Àmì àyọlò náà gbọ́dọ̀ nàró ṣánṣán. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú Word kí ẹ tó dà á kọ, àmì náà á tẹ̀, LinkedIn kò sì mọ èyí tó tẹ̀. Mo fi NOT consultant sí i torí àwọn tó ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ ìrajà pọ̀ lórí LinkedIn, wọn kò sì ní ra páálí.

Bí ohunkóhun kò bá jáde, ẹ kọ́kọ́ yẹ àmì àyọlò yẹn wò, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ Title kúrò kí ẹ rí i bóyá àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà wà níbẹ̀ rárá. Bí igba èèyàn bá jáde láti ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá, Current company ti já kúrò láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bíi méjì sí mẹ́ta láti ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló máa ń bá òótọ́ mu. Ẹ ṣí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo Experience: àfi kí "Present" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà. Àwọn kan ti kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ orúkọ wọn ni wọn kò tíì yí.

Ibi tó dùn mí jù láti kọ́ ọgbọ́n nìyí. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ táǹkì ni mò ń tà nígbà kan. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń kọ̀wé sí ọ̀gá ìrajà ilé-iṣẹ́ ńlá kan, ó sì ń dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìgbẹ̀yìn ló tó là á fún mi pé òun kò lè ra ohun tí ẹ̀ka tó ń yẹ ojúlówó wò kò bá tíì fọwọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni páálí rí. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹni tó ń jẹ́ Packaging Manager tàbí Quality Manager ló ń sọ bí páálí ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Procurement ń bá ẹni tí wọ́n ti gbà wọlé dúnàádúrà ni. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ náà bá ju 500 èèyàn lọ, ẹ tún wá "packaging manager" àti "quality manager" lọ́tọ̀. Bí kò bá tó 50, ẹ gbàgbé Procurement, "managing director" ni kí ẹ tẹ̀.

Ní ti owó: LinkedIn máa ń dá ìwákiri àkáǹtì ọ̀fẹ́ dúró bó bá ti pọ̀ jù láàárín oṣù, ó sì máa ń ṣí i padà ní ọjọ́ kìíní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi Connections sí 2nd kí ẹ má bàa fi ìwákiri ṣòfò lórí àwọn tí "LinkedIn Member" bo orúkọ wọn. Wọ́n jìnnà sí yín jù. Sales Navigator tí LinkedIn fúnra rẹ̀ ń tà ní asẹ́ kan tó ń jẹ́ Seniority level, àmọ́ mi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ rà á báyìí, torí orúkọ oyè ni òun náà ń wò, "manager" báńkì yẹn ṣì lè wọlé.

Àwọn ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì kan wà tí ẹni méjì péré ni ẹ máa rí lójú ewé wọn, tí ìkankan wọn kì í sì í ṣe ọ̀gá. Ẹ má ṣe wá a lọ síwájú mọ́. Ẹ mú páálí dání, kí ẹ wakọ̀ lọ síbẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà ní ẹnu géètì pé ta ló ń gba ọjà wọlé.