Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì ni setup.exe?

"Ẹ jọ̀ọ́, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà, Defender gbé setup.exe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí àhámọ́ nígbà tí mo ṣì ń fi í sórí kọ̀ǹpútà. Inú fíláàṣì ọ̀rẹ́ mi ni mo ti dà á kọ. Ṣé fáírọ́ọ̀sì ni?"

Ẹ má tíì tẹ Restore. Ẹ ṣí Protection history nínú Windows Security, kí ẹ wo orúkọ tí wọ́n fún un. Bó bá parí sí `!ml`, bíi `Trojan:Win32/Wacatac.B!ml`, ìrísí fáìlì náà ni Defender fi fura sí i. Ibẹ̀ ni àṣìmú ti wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kò wẹ fáìlì náà mọ́. Tí ẹ bá rí `HackTool`, kíráàkì ló sábà máa ń jẹ́. Èmi ò ní fọwọ́ kàn án.

Fíláàṣì tó ti káàkiri ṣọ́ọ̀bù ni mo fura sí jù. Ẹ gba ẹ̀yà kan náà lórí ojúlé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín. Nínú Properties fáìlì tuntun náà, lábẹ́ Digital Signatures, orúkọ wọn ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ tẹ Details kí ẹ rí i pé ó OK. Bí wọ́n bá gbé SHA-256, àmì ìdánimọ̀ fáìlì náà, síta, ẹ ṣí PowerShell nínú fódà tí fáìlì náà wà, kí ẹ fi wé èyí tó bá fún yín:

```
Get-FileHash .\setup.exe
```

Lẹ́tà ńlá tàbí kékeré kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kan péré bá yàtọ̀, ẹ pa á rẹ́. Bó bá bára mu tí Defender ṣì ń mú un, ẹ fi ránṣẹ́ sí Microsoft kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yọ ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ẹ ń fi sórí kọ̀ǹpútà tó dá dúró láàárín kúrò kí ẹ tó tún un ṣe, torí fáìlì kan lè ti sọnù nínú rẹ̀.